Ojú kan pupa, èkejì funfun: ohun tí fọ́tò ọmọ mi ti ń fi hàn kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú

Bí iná kámẹ́rà bá tàn sójú ọmọ nínú ibi tó ṣókùnkùn, ọmọlójú rẹ̀ a máa pupa nínú fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ náà wọlé, ó lọ bá ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, ó sì gbé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà padà wá. Ojú méjèèjì tó bá pupa bákan náà kì í ṣe ohun tó yẹ kó já ẹnikẹ́ni láyà. Èyí tó yẹ kó lé ni dìde lórí ìjókòó ni kí ọ̀kan pupa kí èkejì sì funfun, tàbí kó máa dán bíi fàdákà, tàbí kó funfun pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti dábùú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ yẹn, tó ń dá a padà kó tó dé ibi ẹ̀jẹ̀. Ní ti ọmọ tèmi, jẹjẹrẹ ni nǹkan náà. Rẹtinobilasitómà ni àwọn dókítà ń pè é. Inú rẹ́tínà ló ti ń hù, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba àwòrán lẹ́yìn ẹyinjú, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń mú jù.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń wo fọ́tò tí a yà nínú yàrá lálẹ́, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ wo ojú òsì ọmọ yìí. Kí ló dé tó ń tàn bí ojú ológbò lóru?” Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ní iná lásán ni, pé ojú náà tilẹ̀ rẹwà bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ nígbà náà. Ó ń sáré, ó ń mú nǹkan kéékèèké nílẹ̀, kò fọwọ́ nu ojú, ojú náà kò pọ́n, kò sì sunkún pé nǹkan ń dun òun. Kò sí ohun tó jọ àìsàn lára rẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí ṣe máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í dun ọmọ. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló mú, èkejì á máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, ọmọ kékeré kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa fi méjì ríran. Ẹ má retí kí ọmọ wá fẹjọ́ sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò padà sẹ́yìn nínú fóònù mi. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ojúmọmọ la yà á, ojú méjèèjì kàn dúdú ni. Àwọn tí a fi fíláàṣì yà náà, dúdú ni ojú wọn. Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Ọkọ mi ló ní kí n wo inú fóònù tirẹ̀ náà, èyí tó ti gbó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú tirẹ̀, ojú ọ̀tún pupa ní fọ́tò tó ju ọ̀kan lọ, ojú òsì sì funfun.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé fóònù tèmi ń tún ojú pupa ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni kámẹ́rà ń gbà ṣe èyí. Àwọn kan a kọ́kọ́ tan iná fìrí kí wọ́n tó ya fọ́tò, kí ọmọlójú lè sún kì, kí ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé lè dín kù. Àwọn mìíràn a ya fọ́tò tán, wọ́n á wá kun ojú náà ní dúdú. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, àmì tí à ń wá ló ń pa rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ojú ọmọ rẹ̀ wò nínú fọ́tò, kó kọ́kọ́ pa ètò yẹn nínú kámẹ́rà, kó sì wá fọ́tò tí ẹlòmíràn fi fóònù mìíràn yà. Kó wá ojúlówó fọ́tò náà láti inú fóònù tí wọ́n fi yà á, torí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ máa ń rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì yà á kì í sábà bá a dé.

A tò àwọn fọ́tò ọkọ mi bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Nínú èyí tó pẹ́ jù, tí a yà ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà létí ọmọlójú òsì, ìyókù sì pupa. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá kò lè rí i. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, funfun náà ti gba ìdajì. Nínú ti ẹnu àìpẹ́ yìí, ó ti kún gbogbo rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu: nínú àwọn ti àtijọ́, nígbà tí ọmọ bá wo kámẹ́rà gán-ún, ojú méjèèjì pupa dáadáa. Ìgbà tó bá wo apá òsì rẹ̀, tàbí tó gbójú sókè díẹ̀, ni funfun máa ń yọ. Dókítà ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ̀gbẹ́ rẹ́tínà ni kókó jẹjẹrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àárín. Bí ojú kò bá yí sí igun tí ìmọ́lẹ̀ á fi bọ́ sórí rẹ̀, fọ́tò kò lè mú un. Ìdí nìyí tí fọ́tò kan fi lè dára, kí èyí tí ẹ yà ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ funfun. Kì í ṣe pé kámẹ́rà ń parọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà kú sínú ìpayà. Ojú tó funfun nínú fọ́tò kọ́ ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn ojú gbogbo ènìyàn, ibì kan wà tó funfun, ibi tí okùn iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ti ń jáde. Bí ojú bá yí sápá imú, ní nǹkan bíi díígíríì 15 sí kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí ibẹ̀ gan-an, kí ọmọlójú sì funfun láìsí àrùn kankan. Ti ọmọ mi kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbà tí ojú òsì náà bá yí kúrò lápá imú ló ń funfun, ojú kan náà ni ní gbogbo ìgbà, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní igun tó ju ẹyọ kan lọ. Yàtọ̀ sí èyí, jígí inú ojú ọmọ lè ti ṣú láti inú oyún, èyí tí wọ́n ń pè ní kátárátì, tàbí kí òpó ẹ̀jẹ̀ máa jò sábẹ́ rẹ́tínà, tàbí kí ojú kan kàn nílò gíláàsì ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ dókítà ojú náà ni wọ́n ń lọ. Kátárátì ọmọdé pàápàá kò gbọdọ̀ dúró, torí ojú tí kò bá rí àwòrán tó mọ́ ní kékeré kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran dáadáa mọ́. Nítorí náà, mímọ ìyàtọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ wa nílé. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a gbé ọmọ lọ.

Kí a tó lọ, a ya fọ́tò tuntun díẹ̀. Mo pa iná yàrá kù títí ó fi ṣókùnkùn díẹ̀, a dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọmọlójú rẹ̀ lè là. Mo tan fíláàṣì, mo sì sún sẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta, mo wá fi kámẹ́rà fa ojú rẹ̀ súnmọ́. Bí èèyàn bá jìnnà díẹ̀, iná àti awò kámẹ́rà á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ìlà kan náà sí ọmọlójú, ìyẹn ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ padà sínú kámẹ́rà dípò kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ọkọ mi ń mi kọ́kọ́rọ́ lókè, ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, kí ọmọ lè máa yíjú tẹ̀ lé e. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ: bí gbogbo fọ́tò yẹn bá pupa, kò túmọ̀ sí pé kókó kékeré kan kò fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yẹ kí ẹni tó ti rí funfun lẹ́ẹ̀kan fi fọ́tò tuntun tó dára tu ara rẹ̀ nínú.

A tún ṣe ohun kan. Mo jókòó ti ọmọ níbi tó ti ń ṣeré, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀ láìfara kàn án. Kò tilẹ̀ kà mí sí, ó ń to nǹkan rẹ̀ lọ. Mo bo ojú ọ̀tún. Ó dáwọ́ dúró lójijì. Ó yí orí kúrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ọwọ́ mi, nígbà tí mo sì tún gbé e padà, ó fi igbe ta. Ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ríran. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí mi ò fẹ́ gbà, ó sì rí bákan náà.

Dókítà àkọ́kọ́ tí a rí kì í ṣe dókítà ojú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sójú ọmọ nínú yàrá tí iná ti mọ́lẹ̀ kedere, ọmọlójú méjèèjì sún kì. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ gbé e bọ̀, ọmọ ń fojú tẹ̀ lé e. Ó ní, “Màmá, ojú rẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà ni. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀, ká tún wò ó nígbà tí ẹ bá padà wá.” Mo ní mo ní fọ́tò lọ́wọ́. Ó wò ó fìrí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ti ronú sí ìbẹ̀wò yẹn púpọ̀, kì í ṣe láti bínú. Nínú ohun tí ó ṣe, kò sí èyí tó lè fi àrùn yìí hàn. Ọmọ tó ń fojú tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ lè máa fi ojú kan tẹ̀ lé e. Iná yàrá àti tọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ ojú ń mú kí ọmọlójú kéré, ihò tó kéré bẹ́ẹ̀ kò sì fi ẹ̀yìn ojú hàn. Fọ́tò inú òkùnkùn tó wà lọ́wọ́ mi rí inú ojú ọmọ náà ju tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo òbí tó bá bi mí pé kí “ojú rẹ̀ mọ́” tí ẹnikẹ́ni fi tọ́ọ̀ṣì sọ má pa ẹ̀rí fọ́tò rẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ibòmíràn ló ṣe é bó ṣe yẹ. Mo sọ fún un tààrà: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọlójú rẹ̀ òsì ń funfun nínú fọ́tò, ẹ̀rù jẹjẹrẹ ojú ló ń bà mí. Ẹ bá mi pa iná, kí ẹ wo ojú méjèèjì pọ̀.” Kò jiyàn. Ó fa aṣọ fèrèsé, ó ní kí n gbé ọmọ lé itan, ó mú irinṣẹ́ oníná kékeré tí wọ́n ń gbé sójú wo inú ojú ènìyàn. Kò sún mọ́ wa. Ó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí wa, ó tan iná náà kó lè bo ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi wọ́n wé ara wọn. Ó ní ti ọ̀tún pupa bí ó ti yẹ, ti òsì ṣàì pupa rárá. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n kò jókòó mọ́. Ó gbé fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ojú, ó sọ orúkọ àrùn náà fún wọn, ó kọ ìwé, ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí a lọ, kí a má dúró de lẹ́tà kankan nílé.

Ìkánjú rẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde fún àwọn dókítà ní 2015 sọ pé ọmọ tí pupa yẹn kò bá hàn lójú rẹ̀, kí wọ́n rò ó láti fi í ránṣẹ́ ní kíákíá kí dókítà ojú lè rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kókó inú ojú yìí ń dàgbà. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ẹyinjú, awọ líle tó yí ẹyinjú ká ń sé e mọ́lé. Ọ̀nà tó lè gbà jáde ni okùn iṣan tó lọ sí ọpọlọ, àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ́tínà, èyí tó lè gbé e dé inú ọ̀rá eegun. Níbi tí ìtọ́jú bá ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ó ju 95 lọ nínú 100 ọmọ tó ń yè é bí kò bá tíì jáde. Bó bá ti jáde, ìtọ́jú a le gan-an, ọ̀pọ̀ kì í sì í là á já. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti wú síta tàbí tó ti pọ́n kankan ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Funfun inú fọ́tò ń wá ṣáájú gbogbo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kí ojú kan máa yà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí èkejì ń wo iwájú.

Ní ilé ìwòsàn ojú, wọ́n kán oògùn sí i lójú, wọ́n tún kán an, a sì dúró tó ìdajì wákàtí títí ọmọlójú rẹ̀ fi là tán. Dókítà náà de iná mọ́ iwájú orí, ó mú awò kan lọ́wọ́, wọ́n fi aṣọ wé ọmọ kó má baà jà. Kò pẹ́ tó fi wo ojú òsì. Ó wo ọ̀tún pẹ́ gan-an. Mo rò pé ó rí nǹkan níbẹ̀ náà ni, àṣé ó ń rí i dájú pé kò sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sìkáànù lé ìpéǹpéjú tó wà ní pípadé, ó fi òkìtì kan hàn wá nínú ojú òsì, pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké tó ń tàn nínú rẹ̀. Ó ní èérún kálísíọ̀mù ni, wọ́n máa ń wà nínú kókó irú èyí.

Ọkọ mi bi í pé ṣé wọn kò ní gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé jẹjẹrẹ ni, bí wọ́n ti ń ṣe fún ti ara ibòmíràn. Dókítà ní ojú yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí, torí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ yẹn ni jẹjẹrẹ lè gbà jáde. Ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹ̀rọ fi hàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ lè máa rò pé wọn ò ṣe àyẹ̀wò tó. Wọ́n ní kí a ṣe àwòrán MRI láti wo okùn iṣan ojú àti ọpọlọ. Wọn kò lo èyí tó ń lo ìtànṣán, torí àwọn ọmọ kan wà tí a bí àrùn yìí mọ́, ìtànṣán lè dá kún ewu jẹjẹrẹ mìíràn fún wọn lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n sì fún un ní oògùn akunnilóorun, kí wọ́n lè wo ojú méjèèjì dé etí rẹ́tínà láìsí pé ó ń jà.

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ń pín ojú tó ní àrùn yìí sí, láti A dé E. E ni ti ojú òsì ọmọ mi. Kókó náà ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyinjú, rẹ́tínà ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, kò sì sí ìríran kankan tí wọ́n lè gbà padà níbẹ̀. Dókítà ní yíyọ ojú náà ló dára jù. Mo bi í léraléra pé ṣé kò sí oògùn. Ó wà: kẹ́mò wà, iná lésà wà, dídì tí wọ́n fi ń di kókó kéékèèké pa wà, àwọn ibì kan sì wà tí wọ́n ń gba òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sójú rọ oògùn sí i tààrà. Ojú tí kókó rẹ̀ ṣì kéré, tàbí ọmọ tí ojú rẹ̀ méjèèjì ló mú, ni wọ́n ń fi ìwọ̀nyí gbà là jù. Ní ti tiwa, ojú tí kò ríran mọ́ la ó máa fi ẹ̀mí ọmọ dáàbò bò. Lẹ́yìn tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi ló fọwọ́ sí ìwé. Èmi kò lè di bírò mú.

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́ bí mo ti rò. Wọ́n yọ ẹyinjú lódindi, wọ́n sì gé okùn iṣan rẹ̀ ní gígùn tó pọ̀ tó, kí wọ́n lè yẹ òpin rẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sínú ihò náà, wọ́n so àwọn iṣan tó ń yí ojú mọ́ ọn, kí ojú àtọwọ́dá lè máa yí díẹ̀ pẹ̀lú èkejì. Ìyẹn wá lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí wíwú ti lọ. Ọmọ náà ti ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn ní ọjọ́ kejì. Èmi ni mi ò lè wo báńdéèjì rẹ̀.

Èsì yàrá àyẹ̀wò ló ṣòro jù láti dúró dè. Ó ní òpin okùn iṣan náà mọ́, àti pé kókó náà kò wọlé jìn sínú awọ ẹlẹ́jẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ́tínà. Nítorí náà kò nílò kẹ́mò. Ká ní ó wọ ibẹ̀ ni, wọn ì bá fi kẹ́mò kún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ti kúrò.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gba díẹ̀ lára kókó náà, láti wo jíìnì tí wọ́n ń pè ní RB1. Gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀dà méjì jíìnì yìí, òun ló ń dá sẹ́ẹ̀lì inú rẹ́tínà dúró kó má máa pín láìdáwọ́ dúró. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Knudson, ló dábàá ní 1971 pé ìkọlù méjì ló gbọ́dọ̀ wáyé sí jíìnì kí àrùn yìí tó lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀dà méjèèjì bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lójú, ìyẹn kò kan ìyókù ara. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti gbé ọ̀kan tó bàjẹ́ wáyé nínú gbogbo ara rẹ̀, ojú kejì wà nínú ewu, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ sì lè fún ìdajì àwọn ọmọ tí yóò bí. Àwọn tí ojú méjèèjì mú, ti àbímọ́ ni tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo. Nínú àwọn tí ojú kan ṣoṣo mú, nǹkan bíi 15 nínú 100 ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí jẹjẹrẹ ojú nínú ìdílé àwọn, kó má gbára lé e, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe ni kò sí ẹni tó ṣe é rí nílé wọn.

Títí èsì yẹn fi dé, wọ́n ní kí a gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, wọ́n kán oògùn sí òun náà lójú, wọ́n wò ó dé ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Èsì fi hàn pé jíìnì tó bàjẹ́ nínú kókó náà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀, wọ́n sì dá àyẹ̀wò ti ẹ̀gbọ́n dúró. Ti àbúrò ṣì ń lọ, torí ojú ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ó ń lo gíláàsì tí awò rẹ̀ kì í fọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà ríran dáadáa láìsí i, kí bọ́ọ̀lù tàbí igi má baà gbá a. Ó máa ń bọ́ ọ sọ nù nínú ilé, a sì ní èyí tí a fi pamọ́ sínú àpótí.